Ibo la ó ti ta òrí inú ike: ọjà ńlá orí ayélujára ni àbí wẹ́búsáìtì tiwa?

Ní oṣù kẹta ọdún kan, nígbà tí oòrùn ń ta bí ẹni pé ó ní gbèsè tó fẹ́ gbà, oníbàárà kan pè mí láti Àbújá. Kò bú mi, àmọ́ ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ike yìí ò kún. Ìdajì ló wà nínú rẹ̀." Èmi tí mo fọwọ́ ara mi rọ òrí náà dé ẹnu ike nínú ilé mi ní Under G, níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́, mo mọ̀ pé n kò rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ. Ṣùgbọ́n òun náà ò purọ́. Orí ọjà ńlá kan ló ti rà á, nítorí náà ó tẹ bọ́tìnì, wọ́n dá owó rẹ̀ padà fún un, ike náà sì padà dé ọ̀dọ̀ mi lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Òróró ti bo páálí náà látòkè délẹ̀.

Òrí lílù ni mo ń tà nígbà náà, ìyẹn òrí tí a fi ẹ̀rọ lù títí afẹ́fẹ́ fi wọ inú rẹ̀ tó sì wú. Òrí kò fẹ́ràn ooru. Bí ooru bá ti tó nǹkan bíi 35 °C, ó ti ń rọ̀, kò sì pẹ́ tí yóò fi di omi. Ara èèyàn pàápàá ń yọ́ ọ, ìdí nìyẹn tó fi ń wọ awọ ara wẹ́rẹ́. Ẹ̀yìn ọkọ̀ tí wọ́n tì pa nínú oòrùn ọ̀sán ń gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Tí òrí lílù bá yọ́, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á jáde, òrí á sì lọ sílẹ̀ nínú ike. Tó bá tún wá tutù díẹ̀díẹ̀, á di hóró hóró bí gàárì. Ìwọ̀n rẹ̀ lórí òṣùwọ̀n ò yí padà, ṣùgbọ́n ta ló ń gbé ike sórí òṣùwọ̀n nílé? Ojú ni oníbàárà fi ń wọn ọjà.

Látìgbà yẹn, bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé èwo ló sàn nínú ọjà ńlá àti wẹ́búsáìtì ti ara ẹni, n kì í bẹ̀rẹ̀ láti orí kọmíṣọ́n. Mo máa ń kọ́kọ́ bi í pé: kí lẹ̀ ń tà, ṣé ó ń yọ́, ṣé ó sì ń jò? Ẹ jẹ́ ká gbé e ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mọ iṣẹ́ tí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ń bá yín ṣe

Ọjà ńlá bíi Jumia àti Konga, tí àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà lọ́dún 2012, dà bíi kí èèyàn yá ìsọ̀ nínú ọjà tí èrò ti pọ̀ sí tẹ́lẹ̀. Àwọn ló ń gbowó lọ́wọ́ oníbàárà, àwọn ló ń gbé ọjà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, àwọn náà ló sì ń dájọ́ tó bá fẹ́ dá a padà. Wọ́n á yọ owó tiwọn, wọ́n á sì fi èyí tó kù ránṣẹ́ sí báǹkì yín nígbà tí àsìkò ìsanwó bá tó. Jiji yàtọ̀ ní tirẹ̀. Ibi ìpolówó ni. Ẹ̀yin àti oníbàárà lẹ ó jọ sọ bí owó ṣe máa wọlé àti bí ọjà ṣe máa jáde. Nítorí náà, ẹ má fi Jiji sínú ìṣirò tí mo fẹ́ ṣe yìí.

Wẹ́búsáìtì tiyín ni ṣọ́ọ̀bù tí ẹ kọ́ fúnra yín lójú ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni ò tíì mọ̀. Ohun tí mo fi kọ́ tèmi ni WordPress pẹ̀lú WooCommerce, tí wọn kì í gba owó kankan lórí rẹ̀, mo sì so ó mọ́ Paystack láti máa gbowó. Ohun tí mo ń san ni owó orúkọ wẹ́búsáìtì, èyí tó parí sí `.com.ng`, àti owó ibi tí wẹ́búsáìtì náà ń gbé. Ìyókù ọ̀rùn mi ló wà: fọ́tò, ìpolówó, dídáhùn ìbéèrè ní aago mọ́kànlá òru, àti ìjà pẹ̀lú ráìdà.

Ohun kan wà tí ọ̀nà méjèèjì béèrè lọ́gbọọgba. Ìpara tàbí ọṣẹ tí ẹ bá fi sínú ike, tí ẹ sì lẹ orúkọ tiyín mọ́, gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà NAFDAC. Àwọn kan rò pé ọjà ńlá nìkan ló ń béèrè rẹ̀, torí náà wọ́n sá lọ sórí wẹ́búsáìtì. Òfin ò mọ ìyàtọ̀ yẹn.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ ṣírò rẹ̀ lórí ike kan ṣoṣo

Ẹ má ṣírò lórí oṣù kan lákọ̀ọ́kọ́. Ẹ mú ike kan, kí ẹ tẹ̀ lé e láti ilé yín títí dé ọwọ́ oníbàárà. Ike tèmi ń gba 250 mílílítà. ₦6,500 ni mo ń tà á. Òrí, òróró, ike àti àmì ara rẹ̀ ń gba ₦2,600. Páálí, rọ́bà tí a fi ń wé e àti téèpù ń gba ₦350.

Lórí ọjà ńlá, iye kọmíṣọ́n yàtọ̀ láti ọjà sí ọjà àti láti irú ọjà kan sí òmíràn, wọ́n sì ń yí i padà. Ẹ wo ojú ìwé olùtajà yín kí ẹ tó fi iye kankan sínú ìṣirò. Fún àpẹẹrẹ tiwa, ẹ jẹ́ ká fi í sí 15 nínú 100. Ìyẹn jẹ́ ₦975. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbàgbé ni VAT 7.5 nínú 100 tó wà lórí kọmíṣọ́n náà, ìyẹn ₦73. Ká fi ₦400 sí i fún owó gbígbé tí wọ́n ní kí olùtajà dá sí i. Mo máa ń kó ike márùn-ún lọ síbi tí wọ́n ti ń gba ọjà lẹ́ẹ̀kan náà, ọlọ́kadà á gba ₦500, nítorí náà ₦100 ló kan ike kọ̀ọ̀kan. Tí a bá yọ gbogbo rẹ̀ kúrò, títí kan iye tí mo fi ṣe ọjà, ₦2,002 ló kù sí mi lọ́wọ́.

Lórí wẹ́búsáìtì, Paystack ń yọ 1.5 nínú 100 pẹ̀lú ₦100 lórí owó tí wọ́n fi káàdì tàbí tiránsífà san nílé níbí. Owó tí kò bá tó ₦2,500, wọn kì í fi ₦100 yẹn kún un. Bó sì ti wù kí owó tí oníbàárà san pọ̀ tó, ohun tí wọ́n ń yọ kì í ju ₦2,000 lọ. Ibí ni mo ti kọ́kọ́ ṣìṣe. Mo ṣírò 1.5 lórí ₦6,500. Ṣùgbọ́n oníbàárà san owó ìfiránṣẹ́ pọ̀ mọ́ ọn, ₦2,500 sí Ìbàdàn, nítorí náà ₦9,000 ló gba inú Paystack kọjá. Orí gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ owó: ₦135 pẹ̀lú ₦100, ó di ₦235. Owó tí mo ń bá ráìdà gbà, mo ń san kọmíṣọ́n lé e lórí. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ₦3,315 ló kù.

Ẹ ó sọ pé wẹ́búsáìtì ló borí. Ẹ dúró ná. Ní tèmi, orúkọ, ibùgbé wẹ́búsáìtì àti ìpolówó ń gba ₦25,000 lóṣù, yálà mo tà tàbí n kò tà. Tí ike mẹ́wàá bá jáde lóṣù kan, ₦8,150 ni wẹ́búsáìtì fi sílẹ̀ fún mi, nígbà tí ọjà ńlá ì bá fún mi ní ₦20,020. Tó bá di ogún ike, wẹ́búsáìtì di ₦41,300, ọjà ńlá di ₦40,040. Ibẹ̀ ni méjèèjì ti fẹnu ko ara wọn lẹ́nu. Ẹ fi iye tiyín dípò tèmi, àmọ́ ẹ wá nọ́ńbà yẹn: iye ike tí ẹ gbọ́dọ̀ tà lóṣù kí wẹ́búsáìtì tó lè bọ́ ara rẹ̀. Ẹni tí kò tíì mọ̀ ọ́n kò tíì ṣetán láti ra orúkọ wẹ́búsáìtì.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ wọn páálí kí ẹ tó wọn ọjà

Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ń gbé ẹrù kì í wo ìwọ̀n nìkan. Wọ́n ń wo àyè tí páálí yín gbà nínú ọkọ̀, èyí tó bá sì tóbi jù nínú méjèèjì ni wọ́n máa gbowó lé lórí. Bí wọ́n ṣe ń ṣírò rẹ̀ lórí sẹ̀ntímítà nìyí:

```
gígùn × ìbú × gíga ÷ 5000 = kg
```

Òrí lílù fúyẹ́ nítorí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀, nítorí náà àwa gan-an ni ìṣirò yìí ń mú. Ike mẹ́rin tèmi pẹ̀lú páálí kì í ju kílò kan lọ púpọ̀. Nígbà tí mo ń lo páálí bisikíìtì tí mo rí ní ọjà Wazo, tí ó jẹ́ 30 lọ́nà 20 lọ́nà 20, kílò 2.4 ni wọ́n ń kọ fún mi. Mo ń sanwó láti gbé afẹ́fẹ́ dé Èkó. Mo wá ní kí wọ́n gé páálí 20 lọ́nà 20 lọ́nà 11, ike mẹ́rin wọ inú rẹ̀ pẹ́kípẹ́kí pẹ̀lú rọ́bà láàárín, ìṣirò sì bọ́ sí 0.88. Kílò kan tó jẹ́ ìwọ̀n ọjà fúnra rẹ̀ ni wọ́n wá ń gbowó lé.

Ohun tó tún jáde níbẹ̀ ni pé ike kan ṣoṣo kò dára fún wẹ́búsáìtì. Ta ló fẹ́ san ₦2,500 láti gba ọjà ₦6,500? Ṣùgbọ́n owó ìfiránṣẹ́ ike mẹ́rin fi díẹ̀ péré ju ti ẹyọ kan lọ. Láti ìgbà tí mo ti di mẹ́rin mẹ́rin pọ̀ lórí wẹ́búsáìtì ni àwọn tó ń kó ọjà sínú apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n sì ń sá lọ láìsanwó ti dín kù.

Fún ìtòsí, wébílì la ń lò. Ìlọrin kò jìnnà sí wa, Ọ̀yọ́ àti Ìbàdàn sì wà lójú ọ̀nà kan náà. Ẹ gbé páálí dé gáréèjì, ẹ bá awakọ̀ sọ̀rọ̀, ẹ gba nọ́ńbà rẹ̀ àti nọ́ńbà ọkọ̀ rẹ̀, kí ẹ sì ya fọ́tò páálí náà nínú ọkọ̀. Ẹ pe oníbàárà kí ọkọ̀ tó gbéra. Ẹ sọ fún awakọ̀ pé òrí ni, kó má gbé e sórí ẹ́ńjìnnì. Awakọ̀ kan fi mí rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ kan: "Ìyá oníòrí, ṣé kí n gbé e lé ẹsẹ̀ mi ni?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, tí àyè bá wà. Ọjọ́ náà ni ó dé Ìbàdàn bó ṣe kúrò nílé. Àléébù wébílì ni pé kò sí ẹni tí yóò san owó ọjà tó bá sọnù, oníbàárà sì gbọ́dọ̀ wá sí gáréèjì fúnra rẹ̀. Tí ọjà bá ti ju ₦20,000 lọ, n kì í dán an wò.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ fi ìdápadà sínú iye owó

Ibí ni ìṣirò ìgbésẹ̀ kejì ti ń yí padà, ibí náà sì ni èmi ti pàdánù jù.

Lórí ọjà ńlá, pàápàá níbi tí oníbàárà ti lè sanwó nígbà tí ọjà bá dé ọwọ́ rẹ̀, èèyàn lè pa ọkàn rẹ̀ dà lẹ́nu ọ̀nà. Owó oṣù ti tán, tàbí ọkọ rẹ̀ ni ó wà nílé. Ọjà á yí padà, á tún rin ìrìn àjò kejì nínú ooru. Ẹ jẹ́ ká ní ogún ike jáde, mẹ́ta padà wá: méjì tí ìdè ẹnu wọn ò tíì já, ọ̀kan tó ti jò. Mo pàdánù páálí àti owó ọlọ́kadà lórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ká ní wọ́n tún yọ ₦500 fún ìpadàbọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan tó jò ti di ìpara ẹsẹ̀ tèmi. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦5,450. Mẹ́tàdínlógún tí mo tà mú ₦34,034 wá, nítorí náà ₦28,584 ló kù.

Lórí wẹ́búsáìtì, oníbàárà ti sanwó kí n tó di páálí, nítorí náà kò sí ẹni tí ń pa ọkàn dà lẹ́nu ọ̀nà. Ká ní ọ̀kan nínú ogún jò, mo sì tún fi owó ara mi fi òmíràn ránṣẹ́: ike, páálí àti ₦2,500 ìfiránṣẹ́. Ó ṣẹlẹ̀ pé òun náà jẹ́ ₦5,450. Ìdápadà kan lórí wẹ́búsáìtì gbà tó mẹ́ta lórí ọjà ńlá! Síbẹ̀, ₦35,850 ló kù sí mi lọ́wọ́. Bí ọjà yín bá ń jò léraléra, wẹ́búsáìtì á pa yín ju ọjà ńlá lọ. Bó bá jẹ́ pé ìpaọkàndà oníbàárà ló ń da ọjà yín padà, wẹ́búsáìtì ni ibi ààbò. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ kọ ìdí tí ọjà kọ̀ọ̀kan fi padà sínú ìwé kan. "Ó padà" nìkan ò tó.

Òfin tó ń dáàbò bo oníbàárà ní Nàìjíríà, tí wọ́n ń pè ní òfin ọdún 2018, fún ẹni tó ra ọjà tó bàjẹ́ ní ẹ̀tọ́ láti dá a padà. Nítorí náà, ẹ má kọ "A kì í gba ọjà padà" sórí wẹ́búsáìtì yín bí àwọn onísọ̀ ṣe ń kọ ọ́ sára ògiri. Èyí tí mo kọ nìyí: tí ó bá dé ní jíjò, fífọ́ tàbí tí kì í ṣe ohun tí ẹ bèèrè, ẹ fi fọ́tò ránṣẹ́ láàárín wákàtí 48, a ó fi òmíràn ránṣẹ́ tàbí a ó dá owó yín padà. Èyí tí ẹ bá ti ṣí tí ẹ sì ti ki ọwọ́ bọ̀, tí kò ní àbùkù kankan, a ò lè tà á fún ẹlòmíràn, nítorí náà a ò ní gbà á. Kí ẹ tó fi pa gbogbo ara, ẹ fi díẹ̀ sí inú ìgbọ̀nwọ́, kí ẹ dúró di ọjọ́ kejì. Gbólóhùn ìgbẹ̀yìn yẹn ti gbà mí lọ́wọ́ ìjà ju èyíkéyìí lọ, torí awọ ara tó ń yún lẹ́yìn ìpara kì í fi ìyàtọ̀ sáàárín ẹ̀bi olùtajà àti ẹ̀jẹ̀ oníbàárà.

Fún ẹ̀rí, mo máa ń ya ike kọ̀ọ̀kan ní fọ́tò lórí òṣùwọ̀n kí n tó dì í, kí nọ́ńbà tí mo kọ sí ìdí ike náà hàn. Ọjọ́ tí mo po òrí náà ni nọ́ńbà yẹn ń sọ. Tí ike méjì láti inú ìkòkò kan náà bá jò, mo mọ̀ pé kì í ṣe ráìdà ló jẹ̀bi.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ kí oníbàárà tó sọ fún yín? Ẹ di páálí kan bí ẹni tó fẹ́ lọ. Ẹ fi ike kan sí i ní dídúró, kí ẹ fi ìkejì sí i ní dídojúdé. Ẹ gbé e sínú ọkọ̀ tí wọ́n páàkì sínú oòrùn láti aago méjìlá sí aago mẹ́rin. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e wọlé, ẹ má fọwọ́ kàn án títí di àárọ̀. Tí èyí tó dojúdé bá jò, ìdérí ni. Ẹ wá ike tó ní bébà fàdákà tí wọ́n ń fi ooru lẹ̀ mọ́ ẹnu rẹ̀. Tí méjèèjì bá lọ sílẹ̀, òrí lílù ni, kò sí ìdérí tó lè gbà á là. Tó bá di hóró, ẹ lọ yí bí ẹ ṣe ń po ó: ẹ yọ́ ọ pátápátá, kí ẹ gbé abọ́ náà sínú omi tútù, kí ẹ máa rò ó títí yóò fi le. Òrí tó tutù kíákíá kì í ráyè ṣe hóró.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ pín ọjà, ẹ má pín ara yín

Kò sí òfin tó ní kí ohun gbogbo wà lójú kan. Ọṣẹ dúdú tó ti gbẹ tí a gé ní ègé, tí a wé sínú bébà, kì í jò, kì í yọ́, kò sì gba àyè. Bó padà, ó padà bó ṣe lọ. Ìyẹn ni mo gbé sórí ọjà ńlá, ibẹ̀ ni àwọn tí kò mọ̀ mí ti ń kọ́kọ́ rí orúkọ mi. Ẹ má ki káàdì wẹ́búsáìtì yín sínú páálí ọjà ńlá o; àdéhùn ọ̀pọ̀ wọn lòdì sí fífa oníbàárà lọ síta, wọ́n sì lè ti ìsọ̀ yín. Orúkọ tó wà lára ọṣẹ ti tó fún ẹni tó bá fẹ́ wá mi.

Òrí àti ìpara wà lórí wẹ́búsáìtì, ní mẹ́rin mẹ́rin. Àwọn ọmọ LAUTECH tó fẹ́ ike kan máa ń sanwó lórí rẹ̀, wọ́n á sì wá mú un fúnra wọn nílé. Mo fi "Mo máa wá mú un" sí ibi tí wọ́n ti ń yan ìfiránṣẹ́, kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn.

Láti oṣù kejì títí di ìparí oṣù kẹrin, mo máa ń yọ òrí lílù kúrò lórí wẹ́búsáìtì. Èyí tí mo máa ń gbé sí àyè rẹ̀ ni òrí tí a kò lù, tí mo fi ìda oyin díẹ̀ yọ́ pọ̀ kó lè le sí i nínú ooru. Ike rẹ̀ kéré, ó wúwo, ó sì kún dé ẹnu. Oníbàárà Àbújá yẹn ti ra méjì nínú rẹ̀.